Lẹ́tà ìpolówó tó kún ímeèlì: ìgbà tó yẹ ká yọ orúkọ wa, ìgbà tó yẹ ká dínà, àti ìgbà tó jẹ́ pé asẹ́ ló kù

Ìyá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà wa ní Under G, nítòsí LAUTECH, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹgbẹ́ sì ní kí wọ́n mú sítétímẹ́ǹtì báǹkì oṣù mẹ́ta wá. Báǹkì sọ fún wọn pé oṣooṣù làwọn ń fi í ránṣẹ́ sínú ímeèlì wọn. A ṣí Gmail wọn. Lẹ́tà tí wọn ò tíì ṣí lé ní 11,000. A wá títí, a ò rí ẹyọ kan láti báǹkì fún oṣù mẹ́ta náà.

Inú Spam la ti wá rí i, ọ̀kan ṣoṣo, ti oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ti oṣù méjì tó ṣáájú ti lọ ráúráú, torí lẹ́tà tó bá ti lo 30 ọjọ́ nínú Spam, Gmail á pa á rẹ́ fúnra rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè pè é padà. Mo wo ètò ímeèlì náà, mo rí àdírẹ́sì báǹkì lára àwọn tí wọ́n ti dínà mọ́. Ọmọ-ọmọ wọn ló ṣe é ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ìpolówó káàdì àti ẹ̀yáwó ti pọ̀ jù lójú rẹ̀, ó fẹ́ ran Màmá lọ́wọ́, ó bá tẹ Block. Kò mọ̀ pé àdírẹ́sì tí ìpolówó ń gbà wọlé náà ni sítétímẹ́ǹtì ń gbà wọlé.

Ó dùn mí, torí mo ti rí irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí, láti sọ ohun tí a ṣe sí ímeèlì ìyá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gmail ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí.

Ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe gan-an

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀, torí àwọn ènìyàn máa ń rò pé ohun kan náà ni gbogbo wọn.

Unsubscribe ni pé ẹ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kọ lẹ́tà pé kó yọ orúkọ yín kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún ni nǹkan ti yí padà. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ràn, lẹ́tà á dáwọ́ dúró pátápátá.

Block kò sọ nǹkan kan fún ẹni náà. Kò mọ̀ pé ẹ ti dínà, á ṣì máa kọ̀wé. Ohun tí Gmail ń ṣe kò ju pé kó máa gbé gbogbo lẹ́tà tó bá ti àdírẹ́sì yẹn wá sínú Spam lọ, ì báà jẹ́ ìpolówó, ì báà jẹ́ sítétímẹ́ǹtì. Kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ló sì ń dínà mọ́, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ odindi.

Report spam yàtọ̀ sí méjèèjì. Ńṣe lẹ ń sọ fún Google pé lẹ́tà yìí jẹ́ pàǹtírí, kí ó kọ́ láti dá irú rẹ̀ mọ̀, bí àdírẹ́sì tó ń bọ̀ lọ́la bá tilẹ̀ yí padà.

Èyí tó kẹ́yìn ni filter, tí èmi ń pè ní asẹ́. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé asẹ́ kì í da nǹkan nù fúnra rẹ̀. Ó ń gba omi ògì kọjá, ó sì ń dá èèrí dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí a ti lè lọ wò ó, kí a sì gbé e fún ewúrẹ́ nígbà tó bá wù wá. Ohun tí ìyá yìí nílò fún báǹkì wọn nìyẹn, kì í ṣe Block.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́

Ohun tí ìyá fẹ́ ni pé kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ní sùúrù. Tí a bá pa á rẹ́ lónìí tí a ò mọ ẹni tó ń kọ ọ́, á tún kún kí ọdún tó parí."

Lẹ́tà ìpolówó kì í sábà jẹ́ ohun tó ń gba àyè pàápàá. 15 GB ni Google fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì jẹ́ àpapọ̀ ímeèlì, fọ́tò tó wà nínú Google Photos, àti fáìlì inú Drive. Bí fóònù bá ń pariwo pé àyè ti kún, ẹ kọ́kọ́ wo fọ́tò àti fídíò. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí lẹ́tà tó wúwo, ẹ kọ èyí sínú àpótí ìwákiri:

```
larger:10M
```

Nítorí náà, wàhálà lẹ́tà ìpolówó kì í ṣe ti àyè. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó ń bo lẹ́tà tó ṣe pàtàkì mọ́lẹ̀, ó ń jẹ dátà nígbà tí àwọn àwòrán inú rẹ̀ bá ń ṣí, ó sì ń sún ènìyàn dé ibi tí á ti bínú tẹ Block.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ mọ àwọn tó ń kọ lẹ́tà. Láti ọdún 2025, Gmail ti ní ojú ewé kan tó ń jẹ́ Manage subscriptions, tó wà nínú ìlà mẹ́ta tó wà lápá òsì lókè. Á to àwọn tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí yín ní ìsọ̀rí, àwọn tó ń kọ jù lọ ló máa wà lókè. Bí fóònù yín kò bá ní i, ẹ kọ èyí sínú àpótí ìwákiri, kí ẹ sì máa kọ orúkọ tí ẹ bá ń rí léraléra sílẹ̀ sórí ìwé:

```
category:promotions newer_than:2m
```

Mo fi oṣù méjì sí i nítorí pé ẹni tó ti dáwọ́ dúró láti ọdún méjì sẹ́yìn kò tún jẹ́ ìṣòro mọ́. Àwọn tó ń kọ̀wé lọ́wọ́lọ́wọ́ la ń wá.

Ní ti ìyá yìí, orúkọ mẹ́tàdínlógún péré la kọ. Ó yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ti rò pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló ń kọ̀wé sí wọn. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ìkànnì tó ń kéde iṣẹ́, àwọn yẹn nìkan sì ti kọ tó ìdámẹ́ta gbogbo lẹ́tà náà. Báwo ni tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ṣe ń gba ìkéde iṣẹ́? Ọmọ-ọmọ wọn kan náà ló lo ímeèlì wọn láti fi forúkọ sílẹ̀ nígbà tó jáde ilé-ìwé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìbéèrè méjì lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan

Mo bi wọ́n léèrè lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan: Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni yìí, ṣé ẹ̀yin tàbí ará ilé yín ló fún un ní àdírẹ́sì? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìbéèrè kejì ni pé, ǹjẹ́ lẹ́tà kankan wà tó lè ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá tí ẹ ò ní fẹ́ pàdánù?

Ẹni tí ẹ mọ̀, tí ẹ ò sì nílò nǹkan kan lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, Unsubscribe ni tirẹ̀. Ẹni tí ẹ mọ̀, tó ń kọ ìpolówó, tó sì tún ń kọ ohun pàtàkì, asẹ́ ni tirẹ̀. Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rárá, Report spam ni. Block wà fún ẹni tí ẹ mọ̀, tí ẹ ti sọ fún un pé kó yọ orúkọ yín, tí kò gbọ́.

Ẹ rí i pé Block ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi í ṣáájú nítorí pé òun ló yá jù láti tẹ̀.

Àwọn ìkànnì iṣẹ́ mẹ́rin yẹn, ó wù mí láti yọ orúkọ wọn kíá, ṣùgbọ́n mo ní kí ìyá pe ọmọ náà lórí fóònù ná. Ó ní òun ṣì ń retí èsì lọ́dọ̀ ọ̀kan, àwọn mẹ́ta tó kù kò wúlò mọ́. A yọ mẹ́ta, a fi ọ̀kan sílẹ̀, a sì ní kó wọlé síbẹ̀ kó fi ímeèlì tirẹ̀ rọ́pò ti Màmá. Ibi tí ènìyàn púpọ̀ bá ń lo ímeèlì kan nínú ilé, ẹ bèèrè kí ẹ tó yọ. Ohun tó jẹ́ pàǹtírí lójú ẹnì kan lè jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn ń dúró dè.

Lẹ́tà ìlera kan wà tó ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ yọ ọ́, ìyá ní rárá, àwọn ń kà á. A wo mẹ́wàá tó dé kẹ́yìn, wọ́n ti ṣí mẹ́fà. Ìwọ̀n tí mo ń lò nìyẹn: nínú lẹ́tà mẹ́wàá tó dé kẹ́yìn, mélòó lẹ ṣí? Bí kò bá sí ìkankan, ẹ yọ orúkọ yín láìronú. Bí ẹ bá ti ṣí tó mẹ́ta, ẹ fi sílẹ̀, ẹ kàn wá àyè tirẹ̀ fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí a ṣe ń yọ orúkọ láìkó sí wàhálà

Bọ́tìnnì Unsubscribe méjì ló wà, wọn ò sì rí bákan náà. Ọ̀kan wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà. Gmail ló fi í síbẹ̀. Èkejì wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú lẹ́tà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ wíńníwínní. Ẹ máa lo ti òkè.

Ìdí ni pé ti òkè ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìlà méjì kan tí ó fara pamọ́ sí orí lẹ́tà, tí ó máa ń rí báyìí:

```
List-Unsubscribe: <https://iroyin.example/yo/8f3a>
List-Unsubscribe-Post: List-Unsubscribe=One-Click
```

Bí ẹ bá tẹ ẹ́, tí ìlà méjèèjì bá wà níbẹ̀, Gmail fúnra rẹ̀ ló ń lọ bá sáfà wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ojú ewé tí ẹ máa ṣí, kò sì sí fọ́ọ̀mù tí ẹ máa kún. Ọdún 2017 ni wọ́n ti fi ìlànà yìí lélẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ kò ka á sí títí di 2024. Ọdún yẹn ni Google àti Yahoo sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń fi lẹ́tà tó pọ̀ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi í sí lẹ́tà ìpolówó rẹ̀, kó sì yọ orúkọ ẹni tó bá bèèrè láàárín ọjọ́ méjì. Lọ́dọ̀ Google, ẹni tó bá ń fi tó 5,000 lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn oní-Gmail lójúmọ́ lọ̀rọ̀ náà bá wí. Ìyẹn ló mú kí Unsubscribe ṣiṣẹ́ lónìí ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún 2019 tí kò ṣiṣẹ́, kó tún un dán wò.

Ìgbà mìíràn, bọ́tìnnì òkè á gbé yín lọ sí ìkànnì wọn. Èyí kò burú, bí ẹ bá mọ̀ wọ́n. Wọ́n lè bi yín pé irú lẹ́tà wo lẹ ò fẹ́ mọ́. Ẹ yan èyí tó ní gbogbo rẹ̀, torí ilé-iṣẹ́ kan lè ní ìwé orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó jẹ́ pé inú ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ti yọ yín. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé, "Mo ti yọ orúkọ mi, wọ́n ṣì ń kọ̀wé." Ṣùgbọ́n bí ojú ewé náà bá bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì yín, tàbí nọ́ńbà káàdì, tàbí BVN, ẹ pa á dé lójú ẹsẹ̀. Yíyọ orúkọ kò nílò ìkankan nínú wọn.

Ìkànnì iṣẹ́ kan nínú mẹ́ta yẹn fi àṣìṣe mìíràn hàn wá. A yọ orúkọ, ó ní ó ti tán, ṣùgbọ́n lẹ́tà mìíràn tún dé lọ́jọ́ kẹrin. Kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ láti gbọ́. Lẹ́tà tuntun náà kì í ṣe ìpolówó. Ìfitónilétí láti inú àkáǹtì tí ọmọ náà ṣí ni. Irú èyí, inú àkáǹtì náà lẹ máa wọ̀ láti pa ìfitónilétí, tàbí kí ẹ ti àkáǹtì náà pa. Unsubscribe kò lè dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ orúkọ, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ méjì ni Google bèèrè, ṣùgbọ́n àwọn tó kéré sí ìwọ̀n yẹn kò sí lábẹ́ ìlànà náà. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 2003 sì fún àwọn oníṣòwò tiwọn ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Níbí, òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà tó jáde ní 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ pé kí wọ́n má fi orúkọ yín ṣe ìpolówó mọ́. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọ́n ṣì ń kọ̀wé, ìgbà yẹn ni Block tó kàn.

Ó tún kù kékeré kan. Ẹ má fi Report spam rọ́pò Unsubscribe fún ẹni tí ẹ mọ̀, bíi ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé ọmọ, tàbí ẹgbẹ́. Google á kọ́ láti inú rẹ̀ pé pàǹtírí ni wọ́n ń kọ, lẹ́tà wọn sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú Spam lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ ẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹni tí ẹ ò mọ̀

Lẹ́tà márùn-ún lára àwọn ti ìyá jẹ́ ti àwọn tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ̀. Ọ̀kan ní wọ́n ti jẹ́ ẹ̀bùn. Ọ̀kan ní báǹkì fẹ́ ti àkáǹtì wọn pa. Bọ́tìnnì Unsubscribe wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn, ó tóbi, ó sì hàn kedere.

Ẹ má tẹ ẹ́. Líǹkì tó wà nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè ní àmì tirẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ti jẹ́ kó mọ̀ pé ènìyàn wà nídìí àdírẹ́sì náà, pé ó ń ka lẹ́tà. Àdírẹ́sì tó wà láàyè níye lórí lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e á pọ̀ sí i. Àwòrán inú lẹ́tà náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí náà mo lọ sí ètò Gmail ìyá, mo yan Ask before displaying external images. Láti ìgbà náà, àwòrán kò ní ṣí àfi bí wọ́n bá gbà. Ó tún dín dátà kù.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì bóyá lẹ́tà kan jẹ́ ti ẹni tó pe ara rẹ̀, ẹ má wo orúkọ, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn àmì @. Orúkọ tó hàn lókè, ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tó bá wù ú síbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tún lè tẹ àmì ìdánudúró mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, kí ẹ yan Show original. Ẹ máa rí SPF, DKIM àti DMARC, ìyẹn ìdánwò mẹ́ta tí a fi ń mọ̀ bóyá lẹ́tà ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni àdírẹ́sì wá, pẹ̀lú PASS tàbí FAIL. Bí DMARC bá kọ FAIL fún lẹ́tà tó pe ara rẹ̀ ní báǹkì, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí PASS tàn yín. Ohun tí PASS ń sọ kò ju pé lẹ́tà náà ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni orúkọ lẹ́yìn @ wá lóòótọ́. Oníjìbìtì tó ra orúkọ tirẹ̀ lánàá lè rí PASS mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà. Àfi kí ẹ fi ojú yín ka orúkọ náà, álífábẹ́ẹ̀tì kan tẹ̀lé òmíràn.

Fún àwọn yìí, Report spam ni. Bí Gmail bá gbé àpótí kan jáde tó ní Report spam & unsubscribe, ẹ yan Report spam nìkan. Block kò lè ṣe púpọ̀ sí wọn, nítorí pé àdírẹ́sì tí wọ́n lò lónìí kọ́ ni wọ́n máa lò lọ́la. Mo ti rí ẹni tó dínà mọ́ àdírẹ́sì tó lé ní igba, tí lẹ́tà sì ń wọlé bí ti tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: asẹ́ fún báǹkì

Ibí ni iṣẹ́ gidi wà. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣe é, torí ápù Gmail orí fóònù kò ní àyè tí a ti ń ṣe asẹ́. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí mail.google.com nínú Chrome, kí ẹ yan Desktop site. Ó há díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Settings, mo wọ Filters and Blocked Addresses, mo yọ àdírẹ́sì báǹkì kúrò pẹ̀lú Unblock. Ẹ kíyè sí i pé Unblock kì í gbé lẹ́tà tó ti wà nínú Spam padà. Ẹ̀yin lẹ máa wọ inú Spam, kí ẹ tẹ Not spam lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, mo wá bóyá àdírẹ́sì méjì ni báǹkì ń lò. Báǹkì púpọ̀ máa ń fi àdírẹ́sì kan kọ àláàtì, kí wọ́n fi òmíràn ṣe ìpolówó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti dín kù: ẹ yọ orúkọ kúrò nínú ti ìpolówó, ẹ má fọwọ́ kan èkejì. Ti ìyá yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Àdírẹ́sì kan náà ló ń gbé sítétímẹ́ǹtì àti ìpolówó. Ẹ jẹ́ ká pè é ní info@banki.example.

Ọ̀pọ̀ á fẹ́ kọ́ asẹ́ tó ń mú ọ̀rọ̀ ìpolówó, bíi "offer" tàbí "win". Mi ò gbà wọ́n níyànjú. Àwọn tó ń kọ ìpolówó ń yí ọ̀rọ̀ padà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àkọlé sítétímẹ́ǹtì kì í yí. Nítorí náà, ẹ yí i po: ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ tọ́jú, kí asẹ́ mú ìyókù. Mo kọ èyí sínú àpótí ìwákiri:

```
from:(info@banki.example) -subject:(statement OR alert OR OTP)
```

Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú subject túmọ̀ sí "àfi èyí". Ẹ má tíì ṣe asẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ìwákiri lásán, kí ẹ ka ojú ewé méjì àkọ́kọ́. Nínú ti ìyá, láàárín ìpolówó, a rí lẹ́tà kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ pé káàdì wọn fẹ́ parí àkókò. Lẹ́tà yẹn ìbá ti bá asẹ́ lọ. A fi expiry kún ọ̀rọ̀ inú àkámọ́, a tún wá a, ó di ìpolówó nìkan.

Ìgbà yẹn la tẹ àmì ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ìparí àpótí ìwákiri, a tẹ Create filter. A yan Skip the Inbox, a sì yan Apply the label, a pe orúkọ rẹ̀ ní Èèrí Báǹkì. A tún yan Also apply filter to matching conversations kí ó lè kó àwọn ti àtijọ́ lọ. A ò fọwọ́ kan Delete it. Asẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, kí ẹ máa yẹ inú Èèrí wò, kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Asẹ́ kejì wà fún ohun tó ṣe pàtàkì:

```
from:(info@banki.example) subject:(statement OR alert OR OTP OR expiry)
```

Lórí èyí, a yan Never send it to Spam. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Bí oníjìbìtì bá fi àdírẹ́sì yẹn gan-an bojú, asẹ́ yìí lè gbé lẹ́tà rẹ̀ kọjá sínú Inbox. Nítorí náà, odindi àdírẹ́sì ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ báǹkì lásán, ẹ má sì tẹ líǹkì inú lẹ́tà báǹkì kankan. Ẹ tún mọ̀ pé Gmail kì í tò àwọn asẹ́ tẹ̀léra wọn kó dúró sórí èyí tó kọ́kọ́ bá. Gbogbo asẹ́ tó bá lẹ́tà kan mu ló máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí "àfi èyí" fi gbọ́dọ̀ wà nínú asẹ́ àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀.

Lẹ́tà ìlera ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gba asẹ́ tirẹ̀ náà, Skip the Inbox pẹ̀lú àmì Ìlera. Ó ń dúró dè wọ́n níbẹ̀ di ọjọ́ Àìkú tí wọ́n máa ń ráyè kàwé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìgbà yìí lẹ lè wá parẹ́

Nígbà tí orísun ti gbẹ, a wá yíjú sí èyí tó ti wà nílẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, a kọ àdírẹ́sì ìkànnì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan báyìí:

```
from:(ise.example) older_than:6m
```

A tẹ àpótí kékeré tó wà lókè láti mú gbogbo ojú ewé náà. Gmail á gbé ìlà kan jáde tó ní Select all conversations that match this search. Bí ẹ kò bá tẹ ìlà yẹn, àádọ́ta tó wà lójú ewé nìkan ló máa lọ. A tẹ ẹ́, a pa wọ́n rẹ́. Wọ́n á wà nínú Trash fún 30 ọjọ́, tí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ ṣì lè mú wọn padà. Gbogbo rẹ̀ kò gbà wá ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, iná sì wà.

Kí ọmọ-ọmọ má baà tún kún un, mo kọ́ ọ ní ohun kan lórí fóònù. Bí ímeèlì ènìyàn bá jẹ́ oruko@gmail.com, tó sì fẹ́ forúkọ sílẹ̀ níbìkan, ó lè kọ oruko+ise@gmail.com. Inú àpótí kan náà ni lẹ́tà máa bọ́ sí, ṣùgbọ́n ó lè fi asẹ́ mú gbogbo ohun tó bá wá sí +ise, á sì tún mọ ẹni tó ta àdírẹ́sì rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn ìkànnì kan kì í gba àmì àròpọ̀ yẹn o. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kò sí ọgbọ́n mìíràn nínú ọ̀nà yìí.

Ìyá padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ti lọ gba sítétímẹ́ǹtì oṣù méjì tó sọnù ní báǹkì fúnra wọn, owó ẹgbẹ́ sì ti jáde. Nínú orúkọ mẹ́tàdínlógún, ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣì ń kọ̀wé lẹ́yìn tí a ti yọ orúkọ, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta aṣọ lórí ayélujára. A dínà mọ́ ọn. A ṣí Èèrí Báǹkì, a ka àkọlé mẹ́sàn-án tó wà níbẹ̀, ìpolówó ni gbogbo wọn. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni kí àwọn tún máa yẹ Spam wò. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, kí 30 ọjọ́ má baà pé lórí ohun tó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀. Wọ́n yọ bírò nínú báàgì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sí kàlẹ́ńdà kékeré tó wà lẹ́yìn ìwé ẹgbẹ́ wọn, látorí ọ̀sẹ̀ yẹn títí dé December.